Áàpù àkọ́kọ́ mi: ṣé kí n lo iṣẹ́ àṣetán ni àbí kí n kọ sáfà fúnra mi?

Akọ́ṣẹ́

Áàpù àkọ́kọ́ mi ni mo ń kọ lọ́wọ́. Ti kíláàsì eré ìdárayá ni. Olùkọ́ á ṣí kíláàsì, èèyàn 20 péré ni kíláàsì kan ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ wá á tẹ bọ́tìnì láti gba ààyè, ẹni tí kò bá lè wá mọ́ á dá ààyè rẹ̀ padà. JavaScript nìkan ni mo gbọ́ díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo Firebase, iṣẹ́ àṣetán Google tí dátábéèsì àti ìwọlé ti wà nínú rẹ̀, kí n yé da ara mi láàmú. Èkejì ní ẹni tí kò bá kọ sáfà fúnra rẹ̀ kò tíì kọ́ nǹkan kan. Alẹ́ nìkan ni mo máa ń ráyè, èmi nìkan ni mo sì ń ṣe é. Èwo ni kí n mú?

---

Ṣe-é-fúnra-ẹ

Kọ sáfà tìrẹ. Ẹni tó ń gbé ilé onílé, ọjọ́ tí onílé bá ní ó tó ló máa kó ẹrù. Ṣé ẹ ti gbàgbé Parse ni, iṣẹ́ àṣetán bíi Firebase? Facebook rà á ní 2013, nígbà tó di oṣù kìíní 2016 wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ tì í, oṣù kìíní 2017 ni wọ́n tì í pa. Gbogbo ẹni tó gbé áàpù rẹ̀ lé e lórí ló pàdánù dátà rẹ̀. Pẹ̀lú Node àti Express, tí wọ́n fi ń kọ sáfà ní JavaScript, ọ̀sẹ̀ méjì, o ti parí.

---

Ìyá_Tábìlì

Ọ̀rọ̀ Parse yẹn, ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní ọdún kan láti kó jáde, wọ́n sì tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ Parse Server, kí ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Kì í ṣe dátà ló sọnù. Àkókò ni. Ẹni tí ìyà náà jẹ jù ni ẹni tí áàpù rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, tí kò sì sí akọkóòdù kankan nídìí rẹ̀ mọ́ tó lè ṣe iṣẹ́ ìkóẹrù náà.

Akọ́ṣẹ́, má tíì mú èyíkéyìí. Sọ fún mi ná: nínú áàpù rẹ, kí ni ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láéláé? Lójú tèmi, ohun kan ni. Ẹni kọkànlélógún kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì. Ibi tí o bá máa fi òfin yẹn sí ni kó pinnu ohun tí o máa lò.

Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Nínú Firebase àti irú rẹ̀, fóònù ẹni tó ń lo áàpù ló ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ ní tààrà. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín wọn. Bí o bá kọ ọ́ sínú JavaScript rẹ pé "bí ààyè bá ti tán, pa bọ́tìnì náà mọ́", ẹni tó mọ nǹkan díẹ̀ lè fi áàpù rẹ sílẹ̀ pátápátá, kó fi àkáǹtì tirẹ̀ gan-an wọlé, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí dátábéèsì. Kò ní rí bọ́tìnì rẹ rárá, áńbọ̀ǹtórí pé yóò rí i tí o pa á mọ́.

---

Ọmọ_Firebase

Ẹ̀yin yìí fẹ́ràn láti máa dẹ́rù bani. Òfin ààbò wà fún ìyẹn, orí dátábéèsì ló sì ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orí fóònù. Ìlà mẹ́rin péré:

```
allow update: if request.auth != null
  && resource.data.aye > 0
  && request.resource.data.aye
     == resource.data.aye - 1;
```

Ẹni tó ti wọlé nìkan ló lè yí i. Ààyè gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ọ̀kan ló lè yọ lẹ́ẹ̀kan. Bí èèyàn méjì bá jọ rí ààyè kan tó kù, tí àwọn méjèèjì kọ òdo ránṣẹ́, ti èkejì á bá òdo lórí dátábéèsì, yóò sì gba `permission-denied`. Ọ̀rọ̀ parí.

---

Ìyá_Tábìlì

O gbìyànjú. Ibi tí èèyàn méjì ti pàdé yẹn, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n jẹ́ oníjàǹbá fún ìṣẹ́jú kan.

Mo forúkọ sílẹ̀ nínú áàpù rẹ pẹ̀lú íméèlì mi. Mo wá rán ìbéèrè kan náà ní ìgbà ogún: 20 di 19, 19 di 18, títí ó fi di òdo. Òfin rẹ gba gbogbo rẹ̀, nítorí pé ọ̀kan ni mo ń yọ lẹ́ẹ̀kan. Kíláàsì ti kún, kò sì sí orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú ìwé. Olùkọ́ á wá dúró sínú yàrá òfìfo. Bí mo bá tún ń yọ ọ̀kan yẹn, mo lè yí orúkọ olùkọ́ àti aago kíláàsì nínú ìbéèrè kan náà, nítorí pé ibi kankan kò sí nínú òfin rẹ tó ní `aye` nìkan ni kí n fọwọ́ kàn.

Èyí gan-an ni wọ́n ń rí nínú àwọn áàpù àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin ń ṣọ́ nọ́ńbà, kò sì ṣọ́ ìtumọ̀ nọ́ńbà náà.

---

Ọmọ_Firebase

Ó dáa, mo gbà. Èmi náà lè tún un ṣe: `affectedKeys().hasOnly(['aye'])` á dá ti orúkọ olùkọ́ dúró. `existsAfter()` á sì wò ó bóyá lẹ́yìn tí gbogbo ìkọsílẹ̀ náà bá parí, orúkọ mi wà nínú kíláàsì, pẹ̀lú `!exists()` láti rí i pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

---

Ìyá_Tábìlì

Ó ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún kù kí o wá kọ òfin ti ẹ̀gbẹ́ kejì, pé ẹnikẹ́ni kò lè fi orúkọ sílẹ̀ láìyọ ààyè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá fi orúkọ mi sílẹ̀ láì fọwọ́ kan `aye`, èèyàn á sì di mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn náà, ti ìdápadà: ẹni tó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan kún un, ẹni tí kò bá pa orúkọ rẹ́ kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un. Òfin mẹ́rin ló ń ṣọ́ ara wọn, nínú èdè tí kò ní ju ìbéèrè bẹ́ẹ̀ni-àbí-bẹ́ẹ̀kọ́ lọ. Sáfà lo ti ń kọ yẹn, kàn jẹ́ pé inú yàrá tóóró lo ti ń kọ ọ́.

---

Afẹ̀rọyàwòrán

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ní ìkànnì kan tí mo ń fi àwòrán mi hàn lórí rẹ̀, ojú ewé mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó ń wọlé, kò sí fọ́ọ̀mù. Ṣé Firebase ni kí n lò ni àbí kí n yá sáfà? Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ lókè, àyà mi ti ń já.

---

Ọmọ_Firebase

Ìwọ kò nílò méjèèjì, ọ̀gá. Fáìlì HTML àti àwòrán ni tìrẹ, ibi tí wọ́n ti ń gbé fáìlì sílẹ̀ lásán ti tó. Kò sí dátábéèsì tí ẹnikẹ́ni fẹ́ jí.

---

Afẹ̀rọyàwòrán

Ọkàn mi balẹ̀. Mo dúpẹ́ o.

---

Alágbo

Kí ẹ tó lọ jìnnà, èmi rí nǹkan mìíràn tí ẹ kò tíì fẹnu bà. Iṣẹ́ àṣetán ni mo lò fún áàpù mi, n kò ní dárúkọ wọn. Ojú ewé àkọ́kọ́ máa ń fi gbogbo kíláàsì oṣù náà hàn, tó tó 300. Iye ìwé tí o bá kà nínú dátábéèsì ni wọ́n fi ń ṣírò owó, kíláàsì kan sì jẹ́ ìwé kan. Mo ní òǹlò bíi 500, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣí áàpù lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́. Ẹ bá mi ṣe é: 300 lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 1,800, ẹ wá sọ ọ́ di ti èèyàn 500, ó di 900,000 kíkà lójúmọ́. N kò tilẹ̀ tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀ o, mo kàn ń fi hàn lásán ni.

Bí mo ṣe mọ̀ ni pé ojú ewé máa ń ṣófo bó bá ti di ọ̀sán. Láàárọ̀, dáadáa. Lọ́sàn-án, òfo. Mo rò pé kóòdù mi ló ní àìsàn, mo fi ọjọ́ mẹ́ta wá a. Ìgbà tí mo ṣí ojú ewé ìlò wọn ni mo tó rí i pé ìpín ọ̀fẹ́ ọjọ́ kan ti ń tán kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo kó àkópọ̀ ọ̀sẹ̀ kan sínú ìwé kan ṣoṣo: orúkọ kíláàsì, aago, iye ààyè tó kù. Ẹni tó bá ṣí áàpù á ka ìwé kan, bó bá tẹ kíláàsì kan á ka ìkejì. 1,800 di nǹkan bíi mẹ́wàá lójúmọ́ fún ẹnì kan.

---

Ṣe-é-fúnra-ẹ

Mo ti sọ! Lórí sáfà tèmi, mo lè kà á ní mílíọ̀nù kan ìgbà, iye kan náà ni mo ń san lóṣù.

---

Ìyá_Tábìlì

Òótọ́ ni èyí, ìyàtọ̀ gidi ni. Nínú Firestore, dátábéèsì Firebase, ìpín ọ̀fẹ́ jẹ́ kíkà 50,000 lójúmọ́. Èèyàn 500 tó ń ka ìwé mẹ́wàá jẹ́ 5,000, o wà nínú ọ̀fẹ́. Áàpù kan náà, òǹlò kan náà, tó bá jẹ́ ìwé 1,800 ni wọ́n ń kà, o ti jẹ ẹ́ ní ìlọ́po méjìdínlógún. Akọ́ṣẹ́, kí o tó kọ ojú ewé kankan, mú bírò, kí o ka iye ìwé tí yóò ṣí.

Ṣùgbọ́n Alágbo, àkópọ̀ rẹ yẹn ní owó tirẹ̀. Ta ló ń tún un ṣe nígbà tí ẹnì kan bá gba ààyè?

---

Alágbo

Hmm. Fóònù ẹni tó gbà á ni.

---

Ìyá_Tábìlì

Ẹ rí i. A ti padà síbi òfin.

---

Olùṣọ́_Òru

Èmi ni mo fẹ́ sọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí pé Ṣe-é-fúnra-ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé sáfà kì í sùn, kì í ṣàìsàn.

Mo yá ẹ̀rọ kékeré kan, mo gbé Node àti dátábéèsì Postgres sórí rẹ̀. Oṣù mẹ́rin, kò sí wàhálà. Ní alẹ́ kan, gbogbo ẹni tó ń gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ ń rí àṣìṣe, àwọn tó kàn ń wò nìkan ló ń rí nǹkan. Mo wọlé, mo tẹ `df -h`: dísìkì ti kún, 100%. Fáìlì tí áàpù mi ń kọ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ sí ló jẹ ẹ́ tán, n kò sì fi ètò kankan sílẹ̀ tí yóò máa gé e. Postgres kò rí àyè láti kọ nǹkan mọ́. Mo pa fáìlì náà rẹ́, ó padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ẹ̀dà ìpamọ́ tí `pg_dump` ń ṣe lóru. Orí dísìkì kan náà ló wà. Fáìlì ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn, òdo báìtì ni gbogbo wọn. Ká ní ẹ̀rọ náà kú lọ́sẹ̀ yẹn ni, n kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó sọ yẹn tó láti kọ kóòdù. Kóòdù nìkan.

---

Ṣe-é-fúnra-ẹ

O kò ṣètò rẹ̀ dáadáa ni. `logrotate` wà, gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n.

---

Olùṣọ́_Òru

Báyìí, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ìwé ẹ̀rí ìkànnì tún wà níbẹ̀: ti Let's Encrypt tí mo gbà, 90 ọjọ́ ló ń lò, bí ètò tó ń tún un gbà bá kú láìdún, ọjọ́ tí áàpù bá kọ̀ láti sopọ̀ lo máa mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó gba alẹ́ mi jù ni íméèlì. Ẹnì kan gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, o fẹ́ fi líǹkì ránṣẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń yá èèyàn ní ẹ̀rọ ló ti dí ihò 25 tí íméèlì ń gbà jáde. Bí o bá tún rí ọ̀nà gbé e gba, inú àpótí pàǹtírí ló ń balẹ̀ sí. Iṣẹ́ àṣetán ló ṣe gbogbo èyí fún ọ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

---

Akọ́ṣẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ń kà á, orí mi sì ti ń gbóná. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí n gba ìwọlé àti íméèlì lọ́wọ́ iṣẹ́ àṣetán, kí n wá fi ọ̀rọ̀ ààyè 20 sí ibi tó jẹ́ pé èmi ni mo ń darí rẹ̀?

---

Ìyá_Tábìlì

Ohun tí èmi ń sọ nìyẹn. Ọmọ_Firebase ń sọ nǹkan mìíràn, kì í sì í ṣe aṣiwèrè.

Kọ́kọ́ wo bí òfin náà ṣe kéré tó bí ó bá wà ní ẹ̀yìn, lórí Postgres:

```
BEGIN;
UPDATE kilaasi SET aye = aye - 1
 WHERE id = $1 AND aye > 0;
INSERT INTO iforukosile (kilaasi_id, eni_id)
 VALUES ($1, $2);
COMMIT;
```

Bí `UPDATE` bá ní ìlà òdo ni òun yí, kíláàsì ti kún nìyẹn: ṣe `ROLLBACK`, kí o sọ fún un. Fi `UNIQUE (kilaasi_id, eni_id)` sórí tábìlì kejì kí ẹnì kan má bàa gba ààyè méjì. Ìyọkúrò àti orúkọ jọ wọlé ni, tàbí kí méjèèjì má wọlé. Jàǹbá tí mo ṣe lókè kò ṣeé ṣe mọ́, nítorí pé kò sí ìlẹ̀kùn tí ènìyàn lè gbà fọwọ́ kan `aye` nìkan.

Ibi tí o máa fi èyí sí pọ̀. O lè kọ ọ́ sínú sáfà Node tìrẹ. O lè lo Supabase, tó jẹ́ pé Postgres náà ló wà nínú rẹ̀: sọ `UPDATE` àti `INSERT` yẹn di fọ́ńkṣọ̀n inú dátábéèsì, láìsí `COMMIT`, kí `RAISE EXCEPTION` rọ́pò `ROLLBACK`, kí áàpù máa pè é pẹ̀lú `supabase.rpc('gba_aye', …)`. Bí o bá gba ọ̀nà yìí, ohun méjì ni kí o má gbàgbé. Ti àkọ́kọ́, tan `ROW LEVEL SECURITY`, ààbò tó ń ṣọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, lórí tábìlì méjèèjì, kí o má sì fún òǹlò ní àyè láti kọ sínú wọn ní tààrà. Fọ́ńkṣọ̀n náà nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, nípa `SECURITY DEFINER`, tó ń jẹ́ kó fi àṣẹ ẹni tó ni ín ṣiṣẹ́. Èkejì, inú fọ́ńkṣọ̀n ni kí o ti gba orúkọ ẹni náà pẹ̀lú `auth.uid()`. Bí o bá jẹ́ kí áàpù máa fi orúkọ ránṣẹ́, màá fi orúkọ rẹ gba ààyè.

---

Ọmọ_Firebase

Cloud Functions, kóòdù tìrẹ tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà Google, lè ṣe ìyẹn kan náà. Firestore náà ní `runTransaction`, tó ń so kíkà àti kíkọ pọ̀ di ọ̀kan.

---

Ìyá_Tábìlì

Ó lè ṣe é, mo sì ti lò ó. Kàn sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ètò Blaze tó ń béèrè káàdì kí Cloud Functions tó ṣiṣẹ́.

---

Ṣe-é-fúnra-ẹ

Ìdè ńkọ́? Ọjọ́ tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ ńkọ́?

---

Ìyá_Tábìlì

Ìbéèrè tó dáa. Ti Postgres, `pg_dump` ni, tábìlì kan náà lo máa bá lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ti Firebase, ìwé dátà kò le jù láti kó, ohun tó le ni òfin àti kóòdù fóònù tó ti mọ́ ọn lára láti bá Firestore sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ lo máa tún kọ. Àkáǹtì àwọn òǹlò ṣeé kó jáde pẹ̀lú `firebase auth:export`, ọ̀rọ̀ aṣínà wọn tí wọ́n ti lọ̀ pọ̀ wà nínú rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà ìlọ̀ scrypt tí wọ́n tún ṣe fúnra wọn ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Sáfà tuntun gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà yẹn gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo òǹlò ni yóò yan ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun.

---

Akọ́ṣẹ́

Mo padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi kí n lè rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Mo ṣe àkáǹtì ìdánwò 50, mo fi ààyè kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú kíláàsì, mo wá jẹ́ kí àádọ́ta náà béèrè lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú `Promise.all`.

Ní ẹ̀dà àkọ́kọ́, mo ka `aye` sínú JavaScript, mo wò ó bóyá ó ju òdo lọ, lẹ́yìn náà ni mo wá kọ nọ́ńbà tuntun. Orúkọ mẹ́sàn-án ló wọlé sórí ààyè kan! `aye` ní òdo ni òun, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo wá lo `UPDATE` tí ẹ̀gbọ́n kọ. Orúkọ kan wọlé, 49 gba ìdáhùn pé kíláàsì ti kún. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bákan náà ni.

---

Ìyá_Tábìlì

Mẹ́sàn-án yẹn ka 1 kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kọ 0. Bí ìwọ nìkan bá ń dán áàpù rẹ wò pẹ̀lú ìka kan, o kò ní rí i láéláé. Akọ́ṣẹ́, kì í ṣe Node ló jẹ̀bi níbí o, ẹni tó bá kọ ọ́ báyẹn sínú Cloud Functions láìlo `runTransaction` á rí ohun kan náà.

---

Ṣe-é-fúnra-ẹ

N kò ní purọ́, mo ní sáfà kan tó ń ka nǹkan báyẹn. Mo ń lọ wò ó.

---

Alágbo

Ìdápadà ńkọ́? Èmi ní òfin pé kò sẹ́ni tó lè dá ààyè padà bó bá ku wákàtí méjì. Àwọn kan yí aago fóònù wọn sẹ́yìn.

---

Ọmọ_Firebase

`request.time` wà nínú òfin Firestore, aago sáfà ni. Má gba aago fóònù gbọ́.

---

Ìyá_Tábìlì

Lórí èyí, mo wà lẹ́yìn rẹ. `now()` ló ń ṣe é ní Postgres.

---

Akọ́ṣẹ́

Mo ti bọ́ sórí Supabase, fọ́ńkṣọ̀n méjì: `gba_aye` àti `da_aye_pada`. Ìwọlé àti íméèlì, tiwọn ni mo lò. Ibi tí mo ti dúró báyìí ni ìlà ìdúró: bí ẹnì kan bá dá ààyè padà, ṣé ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà ni kó gba á fúnra rẹ̀ kó tó mọ̀, àbí kí n fi íméèlì ránṣẹ́ kí ẹni tó bá yára tẹ̀ ẹ́ ló ni ín?

---

Alágbo

Tèmi ń fún ẹni àkọ́kọ́ láìbéèrè. Ìdajì wọn kì í wá.

---

Ọmọ_Firebase

Tèmi ń ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ìdajì wọn ló ń bínú.

---

Akọ́ṣẹ́

Mo ti yọ ìlà ìdúró kúrò nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ yìí.